Sáìsì bàtà UK, US àti EU: èwo ni kí o gbà gbọ́ kí o tó sanwó?

Nínú òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, US nìkan ló ya tọkùnrin sọ́tọ̀ sí tobìnrin. UK 8 ọkùnrin àti UK 8 obìnrin, gígùn kan náà ni, bẹ́ẹ̀ náà ni EU 42. Ṣùgbọ́n bàtà yìí kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà, US 9 ni lọ́dọ̀ ọkùnrin, 10.5 lọ́dọ̀ obìnrin.

Láti sáìsì kan bọ́ sí èkejì, UK àti US máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta ínǹṣì gùn sí i, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 8.5. Ti EU kò ju mìlímítà 6.7 lọ. Ẹ ò rí i pé wọn ò lè máa bá ara wọn dọ́gba ní gbogbo ìgbà.

Ká ní obìnrin kan ń wọ US 8, bàtà ọkùnrin kan wá wọ̀ ọ́ lójú. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni pé kó yọ 1.5 kúrò: US 6.5 ọkùnrin nìyẹn. Kó tún yọ 1, ó di UK 5.5. Nike ń tẹ̀ lé èyí. Adidas kò tẹ̀ lé e: lọ́dọ̀ tiwọn, 1 péré ló wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ààbọ̀ ló sì wà láàárín UK àti US ọkùnrin. Wo US 8 obìnrin lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì:

| | UK | EU | CM |
|---|---|---|---|
| Nike | 5.5 | 39 | 25 |
| Adidas | 6.5 | 40 | 25 |

Odidi sáìsì kan ni UK fi yàtọ̀, síbẹ̀ CM kò yẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ wo ibòmíràn mọ́ lára páálí bàtà eré ìdárayá. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe bàtà fún ni CM yẹn ń sọ, kì í ṣe gígùn inú bàtà, torí inú bàtà gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ lọ díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o wọn ẹsẹ̀, nígbà tó ti wú díẹ̀. Tẹ́ bébà sílẹ̀, fi gìgísẹ̀ kan ògiri, dìde dúró dáadáa, kí ẹnì kejì sì fàlà síbi tí ọmọ ìka tó gùn jù dé. Ìka ńlá kọ́ ló máa ń gùn jù lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn. Wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí o mú èyí tó gùn jù.

Gígùn lè bá a mu tán, kí fífẹ̀ má bá a mu. Ní US, lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ fífẹ̀: D ni fífẹ̀ tó wọ́pọ̀ fún bàtà ọkùnrin, B ni tobìnrin, B sì tín-ín-rín ju D lọ. Obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tó ra bàtà ọkùnrin lè rí i pé gìgísẹ̀ òun ń yọ. Ọkùnrin tí bàtà ń fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? 2E, tó fẹ̀ ju D lọ, ni kó wá ní sáìsì rẹ̀ gan-an. Bó bá gbé sáìsì tó gùn jù, iwájú bàtà ni yóò ṣófo.