Omi ṣáàsì tí ò dákẹ́: ṣé rọ́bà lẹ máa rà ni àbí flotẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sáré lọ s'ọ́jà Wandó torí pé omi ń sọ ṣìì nínú ṣáàsì wésé yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fà á tán, ẹ rọra ná. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ló ń dé ihò tómi ń gbà bọ́ sínú àwo, flotẹ́ẹ̀ ló ń sé omi tó ń wọlé tí táǹkì bá kún. Rọ́bà ló pọ́ọ́kú jù, àmọ́ plọmbíyé míì á ní kẹ́ ẹ kúkú ra gbogbo ẹ̀ tuntun, kò sì tíì ṣí ìdérí o!

Ẹ ti ẹnu omi ara ògiri pa, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tómi dé nínú táǹkì, ẹ má fà á fún ìṣẹ́jú 30. Tómi bá dúró sẹ́nu páìpù tó nà sókè láàrin, flotẹ́ẹ̀ ni ò sé omi. Tó bá lọ sílẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, rọ́bà ni. Ká ní táǹkì kan ní Tokpota gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 nínú, tó fẹ̀ ní 15, tómi ẹ̀ sì wálẹ̀ ní 5: lítà 3 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣí ẹnu omi padà, á tó lítà 144 lójúmọ́, ẹ̀yin náà sì lẹ máa san án.

Kẹ́ ẹ tó ra rọ́bà, ẹ fọwọ́ kàn án: tó bá kun yín ní dúdú tàbí tó ti gan, ó ti parí (omi javẹ́ẹ̀lì táwọn kan ń dà sí táǹkì ń jẹ ẹ́ gan-an). Ṣáàsì alábọ́tìnì, ẹ yí ti inú ẹ̀ díẹ̀ sápá òsì kẹ́ ẹ fà á yọ, rọ́bà róbótó wà nísàlẹ̀. Ẹ nu ojú ihò náà, nítorí ẹ̀fun omi tó gbẹ síbẹ̀ á jẹ́ kí rọ́bà tuntun gan-an máa jò.

Ti flotẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tómi lọ tó tún dé ló bẹ̀rẹ̀, iyanrìn ló há sí i lẹ́nu, ẹ ṣí orí ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣàn án kẹ́ ẹ tó náwó. Tó bá di rírà, ẹ mú ti àtijọ́ dání, torí ẹnu ti Faransé sábà máa ń jẹ́ 3/8, ọ̀pọ̀ tó ń ti Nàìjíríà wọlé jẹ́ 1/2, wọn ò lè wọnú ara wọn. Ẹ wò ó pé ẹ̀gbẹ́ lomi ti ń wọ táǹkì yín àbí ìsàlẹ̀. Èyí tó dúró ṣánṣán dáa fún táǹkì tóóró, àmọ́ ihò inú ẹ̀ kéré, iyanrìn ń dí i kíákíá. Ẹni tó ń lo omi kànga ní Kétu, èmi á ní kó ra alápá tó ní bọ́ọ̀lù, tí àyè bá wà.