Nọ́ńbà márùn-ún láràárọ̀: Google Sheets, Looker Studio tàbí Power BI?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mánẹ́jà béékárì kan ní Iléṣà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń wo fóònù rẹ̀, kí mọ́tò búrẹ́dì tó gbéra lọ sí Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Nọ́ńbà márùn-ún péré ló fẹ́ rí: iye búrẹ́dì tí wọ́n tà lánàá, owó tó wọlé, owó tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á tà, búrẹ́dì tó padà wá, àti fúláwà tó kù. Mo ti bá a gbé dáṣíbọ́ọ̀dù yìí ka orí ohun èlò mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ yan ọ̀kan, tàbí ẹ fẹ́ sanwó fún ẹni tí yóò bá yín ṣe é, bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra nìyí.

Ní ti owó, Google Sheets àti Looker Studio (tí wọ́n ń pè ní Google Data Studio títí di 2022) jẹ́ ọ̀fẹ́. Power BI Desktop náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹlòmíì rí ohun tí ẹ ṣe, ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ń wò ó ló máa ń nílò Power BI Pro, èyí tí a ń sanwó fún. Láti oṣù kẹrin 2025, dọ́là 14 lóṣù ni Pro fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, dọ́là 28 nìyẹn, lóṣooṣù, nítorí nọ́ńbà márùn-ún. N kò gbà pé ó tọ́, àfi tí ilé iṣẹ́ yín bá ti ń san owó náà fún nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀.

Ní ti fóònù, Power BI ló borí, nítorí ó ní ojú ìwé tí ẹ ti lè to nǹkan fún fóònù lọ́tọ̀. Looker Studio máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé tó fẹ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ á súnkì di wínníwínní. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sí i, ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 360. Nínú Google Sheets, òpó kan ṣoṣo tó: nọ́ńbà ńlá lókè, orúkọ rẹ̀ kékeré nísàlẹ̀, láìsí àwòrán kankan. Ẹ sì lè ṣètò fáìlì náà kó máa ṣí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí a ṣe to nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju ohun èlò lọ. Mo kọ́kọ́ fi iye tí wọ́n tà sókè, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀: owó tó wà níta ni kó ṣáájú, nítorí òun ló ń sọ ẹni tí kò ní gba búrẹ́dì láàárọ̀ yẹn. (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọ òṣómàáló, mi ò bá a jiyàn.) Fúláwà pẹ̀lú, àpò 9 kò sọ nǹkan kan fún un. Àpò 4 ni wọ́n ń lò lójúmọ́, nítorí náà “ọjọ́ 2” la kọ síbẹ̀, ó sì mọ̀ pé òní lòun gbọ́dọ̀ pe oníṣòwò fúláwà. Iye tí wọ́n tà ní Túsìdeè, Túsìdeè tó kọjá la fi wé, kì í ṣe Mọ́ńdè: 640, ó dín 60 sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ibi tó ti bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ọjọ́. Mo lo `TODAY()-1` fún “àná”. Aago Los Angeles ni fáìlì náà ń lò, èmi kò sì mọ̀. Nígbà tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá lù ní Iléṣà, alẹ́ àná ló ṣì jẹ́ lọ́hùn-ún, nítorí náà títà ìjẹta ni ẹ̀gbọ́n mi ń rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó sọ pé owó náà kò bá ti ìwé akáǹtì mu. Ẹ lọ sí File, Settings, kí ẹ yan aago Lagos. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n kọ kẹ́yìn sí orí ìwé náà gan-an, kí nọ́ńbà yòókù máa tẹ̀lé e. Nínú ìwé Tita tí a ń kọ títà sí, òpó A ni ọjọ́, òpó C ni iye tí wọ́n tà:

```
B1: =MAX(Tita!A:A)
B2: =SUMIFS(Tita!C:C, Tita!A:A, B1)
```

Bí akọ̀wé bá gbàgbé láti kọ ti àná, ọjọ́ tó wà lókè á fi í hàn. Ti `TODAY()-1` á kàn kọ 0, bíi pé ẹnikẹ́ni kò ra búrẹ́dì.

Looker Studio náà ní àléébù tirẹ̀: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ló tó máa ń tún ohun tó kà láti Google Sheets kà, bí ẹ kò bá yí i padà. Ní Power BI Pro, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́ ni ìtúnkà tí ẹ lè ṣètò. Fún nọ́ńbà àárọ̀, méjèèjì tó, bí akọ̀wé bá ti parí lálẹ́.

Fún béékárì kan, Google Sheets ni mo yàn. Bí ẹ̀ka bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí àwọn mánẹ́jà wọn sì fẹ́ gbà á nínú ímeèlì láràárọ̀, Looker Studio lè máa fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni yòówù kí ẹ gbà síṣẹ́, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ má kọ títà ọjọ́ kan sínú ìwé, kí ẹ ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá fi hàn pé ọjọ́ kan kò sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un.