Afárá rẹsítọ̀ mẹ́rin: èyí tó dọ́gba àti èyí tí ò dọ́gba

Afárá yìí ní apá méjì, rẹsítọ̀ méjì ló tò tẹ̀ léra nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì kan náà ló so mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ apá méjèèjì, ibi tí rẹsítọ̀ méjèèjì ti pàdé ni mò ń pè ní àárín. Ẹ jẹ́ ká lo bátìrì fóòtì 9. Apá òsì ní rẹsítọ̀ kílò-óòmù 1 lókè, 2 nísàlẹ̀; apá ọ̀tún ní 2 lókè, 4 nísàlẹ̀. Rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀ ló ń kó ìdá méjì nínú mẹ́ta fóòtì níbi méjèèjì, torí náà fóòtì 6 ló wà láàárín òsì, 6 náà ló wà láàárín ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá wá fi mítà kan àárín méjèèjì òdo lẹ máa rí. Èyí tó dọ́gba nìyẹn, kódà kí agbára bátìrì wálẹ̀ dé fóòtì 7, òdo ṣì ni, ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá yọ 4 yẹn, ẹ fi 2.5 síbẹ̀. Òsì ṣì wà ní 6, ṣùgbọ́n ọ̀tún ti di 9 × 2.5 ÷ 4.5, ìyẹn fóòtì 5, fóòtì 1 ni mítà máa wá fi hàn. Níbí bátìrì ṣe pàtàkì gan-an o: tí agbára rẹ̀ bá wálẹ̀ dé fóòtì 7, nǹkan bíi 0.78 lẹ máa rí, ẹ sì lè máa rò pé rẹsítọ̀ ló yí padà. Mítà tó ń fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ náà á jẹ́ kó kéré sí 1, ṣùgbọ́n tí afárá bá dọ́gba, kọ́rẹ́ǹtì kankan ò gba inú mítà kọjá rárá.