Fáàfù mẹ́ta lára páìpù táǹkì ilé: táǹkì kún àkúnya, ta ló jẹ̀bi nínú wọn?

Bí táǹkì bá ń kún àkúnya lóru, fílóòtì fáàfù, èyí tí bọ́ọ̀lù tó ń léfòó máa ń gbé apá rẹ̀ sókè láti pa omi nígbà tí táǹkì bá kún, ni gbogbo ojú máa ń wò. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, omi á tún máa dà. Wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, omi ò ní dáwọ́ dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, fílóòtì náà ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yẹn. Ibi tó yẹ kí omi máa gbà jáde kúrò nínú táǹkì gan-an ló ń gbà wọlé. Nítorí èyí ni a kò fi yẹ fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn fílóòtì, géètì àti nọ́ńrítọ́ọ̀nù, wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbí. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òmíràn ló máa ń gba ẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ìtò páìpù tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Páìpù omi ìta wọlé, ó sì pín sí méjì. Ẹ̀ka kan gòkè lọ sí ẹnu táǹkì, fílóòtì ló wà ní òpin rẹ̀. Ẹ̀ka kejì lọ tààrà sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀, kí ilé lè máa lo omi ìta nígbà tó bá wà. Páìpù mìíràn sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí táǹkì, ó wá dara pọ̀ mọ́ ẹ̀ka kejì yìí, kí omi táǹkì lè dé ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí omi ìta bá lọ. Lára páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ náà ni géètì fáàfù wà, tí à ń fi ọwọ́ lọ́ pa tàbí ṣí. Nọ́ńrítọ́ọ̀nù ló tẹ̀ lé géètì, ìyẹn fáàfù tó ń jẹ́ kí omi lọ síwájú tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Nọ́ńrítọ́ọ̀nù kejì wà níbi tí omi ìta ti wọlé, kí omi táǹkì má baà ṣàn lọ sí ìta.

Omi ìta lágbára ju omi táǹkì lọ. Bí ìdí táǹkì bá fi mítà 2 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, agbára mítà 2 yẹn nìkan pẹ̀lú gíga omi inú táǹkì ló ń ti omi wá sísàlẹ̀. Omi ìta lè ní agbára tó lè gbé omi dé mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí nọ́ńrítọ́ọ̀nù ìdí táǹkì kò bá pa dé dáadáa, omi ìta á gbabẹ̀ gòkè wọ táǹkì láti ìsàlẹ̀. Fílóòtì ti lè pa ẹnu rẹ̀ gbọin-gbọin lókè nígbà náà, ṣùgbọ́n omi tí kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá, kò lè dá a dúró.

Bí a ṣe ń mọ̀ kò le. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tí omi ìta ń wá, tí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ilé sì wà ní pípa. Ẹ fi ọwọ́ gbé apá fílóòtì sókè títí kò fi lè lọ mọ́, kí ẹ sì so ó mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ẹ wo ihò tí omi ń gbà jáde lára rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kán tàbí ń ṣàn, fílóòtì ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi tépù tàbí ẹ̀fun sàmì sí ibi tí omi dé lára táǹkì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30.

Ká ní táǹkì náà rí roboto, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 113. Nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 1 omi jẹ́ lítà 10, èyí sì mú ìṣirò rọrùn. Bí omi bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín ìṣẹ́jú 30 náà, lítà 30 ló ti wọlé láìgba ẹnu fílóòtì, ìyẹn lítà 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí omi ìta bá wá fún wákàtí 8 lóru lẹ́yìn tí táǹkì ti kún, lítà 480 ló máa dà nù. Lójú, sẹ̀ǹtímítà 3 kéré, ẹni tó bá sì ń wo táǹkì láìsàmì sí i ò ní rí i pé omi ń gòkè rárá.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni pé kí a pa géètì ìdí táǹkì, ká tún sàmì, ká tún dúró fún ìṣẹ́jú 30 mìíràn. Bí omi ò bá gòkè mọ́, nọ́ńrítọ́ọ̀nù ni ó jẹ̀bi. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: géètì tí a fi ń ṣe ìdánwò náà lè jẹ́ èyí tí kì í pa dé. Bí omi bá ṣì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, èèyàn á rò pé òun ti dá nọ́ńrítọ́ọ̀nù láre, á sì padà sórí fílóòtì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ́kọ́ yẹ géètì fúnra rẹ̀ wò. Ẹ pa omi ìta pátápátá, ẹ pa géètì, kí ẹ sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù nínú ilé. Omi tó kù nínú páìpù á kọ́kọ́ ṣàn jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kò yẹ kí nǹkan kan máa bọ̀ mọ́. Bí ó bá ṣì ń ṣàn, ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìdámẹ́rin lítà ní ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí lítà 15 ní wákàtí kan, géètì náà kò sì ṣeé gbára lé fún ìdánwò títí a ó fi tún un ṣe.

Inú géètì ni awẹ́ irin kan wà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìlẹ̀kùn nígbà tí a bá ń lọ́ wíìlì. Nísàlẹ̀, ibì kan rì wọnú tí awẹ́ yẹn ń jókòó sí, ibẹ̀ ni iyanrìn àti ìpẹtà máa ń kó jọ sí. Awẹ́ ò wá ní lè dé ilẹ̀. Ẹ má fi sípánà lọ́ ọ pẹ̀lú agbára, nítorí ọ̀pá àárín rẹ̀ á kán tàbí kí eyín ìlọ́ rẹ̀ jẹ. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni pé kí omi máa ṣàn, kí a pa géètì títí ó fi dúró, ká ṣí i padà ní yíyí méjì, ká tún pa á. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, omi tó ń gba àyè tóóró náà kọjá pẹ̀lú ìyára á gbá iyanrìn lọ. Bí kò bá tán lẹ́yìn èyí, ojú ìjókòó ti jẹ, a ò lè tún un ṣe mọ́. Fífi géètì sílẹ̀ ní ìdajì láti dín omi kù ló sábà máa ń fa irú jíjẹ bẹ́ẹ̀, a ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lò ó bẹ́ẹ̀.

Àìsàn géètì mìíràn wà tó burú jù, torí pé ó ń tan ni jẹ. Awẹ́ lè já kúrò lára ọ̀pá. Wíìlì á máa yí, ọwọ́ á gbà pé ó ti ṣí, ṣùgbọ́n awẹ́ wà nísàlẹ̀, omi ò lè kọjá. Bí a bá ka iye yíyí rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, láti pípa dé ṣíṣí, tí a sì kọ ọ́ sára páìpù, ìṣòro yìí á hàn lójú ẹsẹ̀: wíìlì á máa yí kọjá iye yẹn láìdúró. Tí omi bá ń kán níbi tí ọ̀pá ti jáde lábẹ́ wíìlì, ìyẹn ò tó ohun tí a ń pààrọ̀ fáàfù fún. Ẹ fún nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ mọ́ra díẹ̀ báyìí, bí ìdámẹ́jọ yíyí kan, kí ẹ sì wò ó.

Ká padà sí nọ́ńrítọ́ọ̀nù, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé jù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní sípíríǹgì tó ń ti ìdérí kékeré pa. Èkejì ní ìlẹ̀kùn tó ń fì, omi ló ń gbé e ṣí, ìwọ̀n ara rẹ̀ àti omi tó fẹ́ padà ló sì ń pa á. Onísípíríǹgì ń pa dé kíákíá, a sì lè gbé e sí ìbú tàbí òòró. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣí, ó ń gba agbára lọ́wọ́ omi. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, agbára náà tó ti omi tó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Fún omi pọ́ǹpù, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Fún táǹkì tó fi mítà 1 péré ga ju ṣáwà balùwẹ̀ lọ, ó lé ní ìdámẹ́ta agbára rẹ̀ tó ti lọ. Nítorí náà, onílẹ̀kùn la fara mọ́ fún ìdí táǹkì, onísípíríǹgì fún ẹnu omi ìta.

Onílẹ̀kùn ní òfin tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wà lára páìpù tí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà, nítorí ìlẹ̀kùn rẹ̀ á kàn fì sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò sì ní padà sí ojú ìjókòó rẹ̀. Páìpù ìdí táǹkì sì rèé, ìsọ̀kalẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tó bá ti dùbúlẹ̀ ni kí a wá, kí ìdérí tí a lè ṣí lórí fáàfù kọjú sókè, kí ọfà ara rẹ̀ sì kọjú kúrò lọ́dọ̀ táǹkì. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní èyí tó ti bàjẹ́ kò bàjẹ́ rárá, ibi tí wọ́n gbé wọn sí ni kò dára.

Bí ó bá wà níbi tó tọ́ tí kò sì pa dé, ìdọ̀tí ló sábà máa ń há a lẹ́nu: ìjá tépù funfun tí wọ́n fi wé ojú ìlọ́, èérún páìpù tí wọ́n fi ayùn gé, tàbí iyanrìn. Ẹ pa omi ìta àti géètì, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù kí páìpù gbẹ, kí ẹ wá tú ìdérí fáàfù. Ẹ fi ọwọ́ gbé ìlẹ̀kùn náà, kó máa fì láìhá síbì kankan. Ẹ fi aṣọ nu ojú ìjókòó, ẹ má lo fáìlì. Bí ó bá ní rọ́bà tó ti le bí igi, rọ́bà nìkan ló ń fẹ́ pípààrọ̀. Bí ojú irin bá ti ní ìlà jíjẹ tí èékánná lè mọ̀, gbogbo fáàfù ló ń lọ.

Tí àmì bá jẹ́ òdìkejì, tí omi táǹkì ń dínkù nígbà tí omi ìta bá lọ tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí ẹ̀rọ, nọ́ńrítọ́ọ̀nù ẹnu omi ìta ni kí ẹ lọ bá. Ẹ má fi èyí falẹ̀, nítorí omi tó ti wà nínú táǹkì yín ló ń padà lọ sínú páìpù tí àwọn ará àdúgbò ń mu.

Nípa fílóòtì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ tú bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n létí. Bí omi bá ń ró nínú rẹ̀, kò lè léfòó tó láti pa fáàfù mọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá dára tí ihò sì ń kán nígbà tí a gbé apá sókè, wáṣà rọ́bà inú rẹ̀ ti le tàbí kí iyanrìn há sí i. Ẹ tún wo bí ihò inú rẹ̀ ṣe tóbi tó: ti mílímítà 3 wà fún omi tó lágbára, ti mílímítà 6 fún omi tí kò lágbára. Bí ẹ bá gbé oníhò ńlá síbi omi alágbára, bọ́ọ̀lù ò ní lágbára tó láti tì í pa. Ẹ tún apá rẹ̀ ṣe kí omi dúró ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 sísàlẹ̀ páìpù tí àkúnya ń gbà jáde.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ so apá fílóòtì sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí géètì wà ní ṣíṣí, kí omi ìta máa wá, kí ẹ sì sàmì fún ìṣẹ́jú 30. Àmì yẹn kò gbọ́dọ̀ yí padà rárá. Nígbà tí ẹ bá tú okùn, ẹ ṣí géètì dé òpin, kí ẹ wá dá a padà ní ìdámẹ́rin yíyí, kó má baà gan mọ́ ibẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ tún máa nílò láti pa á.