Lẹ́tà mélòó, ọjọ́ mélòó: àgbéyẹ̀wò áàpù ìránnilétí tí mo fi ń wá oníbàárà kajú

Kàbbà ni sítọ́ọ̀ mi wà. Mo máa ń kó kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìyàmoyè, Ìyárà àti Ẹ̀kìnrìn-Àdé, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọ ní Ìlọrin àti Èkó, àti àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ dáadáa lóṣù kejì, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó máa rà á, torí àgbẹ̀ kì í fẹ́ kí owó òun dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Ohun tó mú mi ra áàpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ti yẹ mẹ́ta mìíràn wò, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ibi kan náà ni wọ́n sì ti lè ṣi èèyàn lọ́nà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ẹ ó so ó mọ́ ímeèlì yín, ẹ ó kó àdírẹ́sì àwọn oníbàárà sínú rẹ̀, ẹ ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ ó kọ àwọn ìránnilétí. Ẹni tí kò bá dáhùn títí ọjọ́ tí ẹ dá yóò fi pé, ìránnilétí á lọ bá a. Ẹni tó bá dáhùn, áàpù á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Iye lẹ́tà àti iye ọjọ́ tó yẹ kó wà láàrin wọn, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló kù sí. Àpẹẹrẹ tó bá a wá jẹ́ lẹ́tà méje, ọjọ́ méjì-méjì láàrin wọn. Ní ọdún 2024, mo gbà pé àwọn tó ṣe é ló mọ̀ jù, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àdírẹ́sì 90 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 8 dáhùn lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́, 5 lẹ́yìn ìkejì, 2 lẹ́yìn ìkẹta. Láti ìkẹrin lọ, kò sí ẹni tó béèrè iye tí mo ń ta kajú mọ́. Èsì tó ń wọlé ni "ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́", èèyàn 2 lẹ́yìn ìkẹrin, 3 lẹ́yìn ìkarùn-ún, 2 lẹ́yìn ìkẹfà. Mo dá a dúró kí ìkeje tó lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi lẹ́tà lásán ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Lọ́kọ́ja, ó sì pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, inú sípáàmù ni mo ti rí lẹ́tà yín o." Èyí dùn mí jù gbogbo rẹ̀ lọ, torí àdírẹ́sì yẹn náà ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi àtijọ́ sọ̀rọ̀. Gmail sọ fún gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí iye àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì sípáàmù má ṣe dé ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi èyí wo àádọ́rùn-ún èèyàn: bí ẹnì kan ṣoṣo bá tẹ̀ ẹ́, ó ti ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lè fara da ẹni méjì tí inú ń bí. Èmi kò lè fara dà á.

Nígbà tí mo jókòó ti àkọsílẹ̀ náà lẹ́yìn sáà kajú, mo rí ohun kan tí mi ò kọ́kọ́ fọkàn sí. Àwọn 5 tí mo kọ sí abẹ́ lẹ́tà kejì, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé lẹ́tà kejì ló mú wọn dáhùn? Ẹni tí ì bá dáhùn lẹ́tà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹta, lẹ́tà kejì ti dé bá a lọ́jọ́ kejì, áàpù sì ti kọ èsì rẹ̀ sí abẹ́ ìkejì. Bí ọjọ́ tó wà láàrin lẹ́tà bá kúrú ju àsìkò tí èèyàn fi ń dáhùn lọ, ìránnilétí á máa gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ nílò rẹ̀.

Torí náà, mi ò lè fi èsì 2024 mọ iye ọjọ́ tó yẹ. Inú àpótí ímeèlì mi ni mo padà sí. Mo wá oníbàárà 12 tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí rí, láìsí áàpù kankan, mo sì ka iye ọjọ́ iṣẹ́ tí ó gba ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó dáhùn. Àwọn 8 dáhùn láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Àwọn 3 dáhùn láàrin ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà. Ẹnì kan dáhùn lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ó yé mi pé ìránnilétí àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ kẹrin. Mo wádìí lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn ní Ìlọrin, ó ní ọ̀gá òun ló ń fọwọ́ sí owó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ríra. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ẹ kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò ní ohun tuntun tó lè fi dá yín lóhùn.

Ní ti iye lẹ́tà, mo gbé ìwé kan, mo kọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa sọ tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò sọ. Àkọ́kọ́: ẹni tí mo jẹ́, ibi tí kajú mi ti ń wá, iye tọ́ọ̀nù tí mo lè kó. Ìkejì: èsì ìdánwò kóró. A máa ń mú kìlógíráàmù kan, a ó là á, a ó wọn kóró tó dára nínú rẹ̀, a ó sì fi ṣírò iye pọ́n-ùn tó máa jáde nínú àpò 80 kìlógíráàmù. Ohun àkọ́kọ́ tí oníbàárà ń béèrè nìyẹn, tèmi sì jẹ́ 47. Ìkẹta: àpò tó ti wọ sítọ́ọ̀, bí omi inú rẹ̀ ṣe rí, àti iye owó. Ìkẹrin: pé mo fẹ́ pín èyí tó kù fún àwọn tó ti dáhùn, àti pé mi ò ní kọ̀wé mọ́ ní sáà yìí. Nígbà tí mo dé ìkarùn-ún, gbogbo ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ju "ṣé ẹ rí lẹ́tà mi?" lọ. Mo dúró síbẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìránnilétí mẹ́ta. Ìròyìn yìí náà ló jẹ́ kí ọjọ́ máa gùn sí i, torí ìdánwò kóró lè parí lọ́sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kí àpò kún sítọ́ọ̀ gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo dá a sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, méje, mẹ́wàá.

Ẹ fara balẹ̀ níbi tí ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà yẹn o. Mo tẹ 4, 7, 10, mo sì fi àdírẹ́sì àbúrò mi dán an wò. Lẹ́tà kẹta dé bá a ní ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìkejì. Àṣé láti ọjọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ ni áàpù tèmi ti ń kà, kì í ṣe láti ọjọ́ èyí tó ṣáájú. Àwọn mìíràn ń kà láti èyí tó ṣáájú, kò sì hàn lójú nọ́ńbà. Bọ́tìnnì "fo òpin ọ̀sẹ̀" náà ní ìtumọ̀ méjì. Tèmi ń ka Sátidé àti Àìkú mọ́ ọjọ́, àmọ́ tí lẹ́tà bá bọ́ sí Sátidé, á dì í mú di Mọ́ńdè. Mo gbé kàlẹ́ńdà ka iwájú, mo yí ọjọ́ iṣẹ́ padà sí ọjọ́ gbogbo. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ ní Túsìdeè, ọjọ́ 4 oṣù kejì 2025. Mo fẹ́ kí àwọn tó kù lọ ní ọjọ́ 10 àti 19 oṣù kejì, àti ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Ohun tí mo tẹ̀ ni 6, 15 àti 29. Bó bá jẹ́ pé áàpù tiyín ń kà láti èyí tó ṣáájú, 6, 9 àti 14 ni ẹ ó tẹ̀.

Àdírẹ́sì 84 ni mo lò lọ́dún yẹn. Èèyàn 9 dáhùn lẹ́yìn àkọ́kọ́, 6 lẹ́yìn ìkejì, 4 lẹ́yìn ìkẹta, 3 lẹ́yìn ìkẹrin. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí n dáwọ́ dúró. Mi ò sọ pé ọjọ́ nìkan ló ṣe é, torí mo yí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà padà pẹ̀lú, àwọn tí mo kọ̀wé sí kò sì jẹ́ àwọn kan náà tán. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 3 tó dáhùn ìkẹrin, méjì sọ fún mi pé iye àpò tó kù ló mú wọn kọ̀wé.

Ibi tí áàpù yìí ti dójú tì mí ni ti fóònù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà gidi á pè yín. Oníbàárà kan ní Ìlọrin pè mí ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, a sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò lórí owó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìránnilétí mi wọlé bá a: "N kò tíì gbọ́ látọ̀dọ̀ yín." Ó pè mí padà, ó ní, "Màdáàmù, ta wá ni mo bá sọ̀rọ̀ lánàá?" Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Áàpù kò lè mọ̀ pé wọ́n pè mí tàbí pé wọ́n kọ̀wé lórí Wasáàpù, kò sì mọ̀ bí akọ̀wé wọn bá fi àdírẹ́sì mìíràn dáhùn. Láti ìgbà yẹn, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìránnilétí, mo máa ń ka orúkọ tó wà lórí fóònù mi sí ti inú áàpù, mo ń fi ọwọ́ yọ ẹni tó ti pè. Mo sì ti pa "n kò tíì gbọ́ látọ̀dọ̀ yín" rẹ́ nínú gbogbo lẹ́tà. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: lẹ́tà "mo wà ní ìsinmi" tí ẹ̀rọ ń fi dáhùn fúnra rẹ̀, áàpù tèmi kà á sí èsì, ó sì yọ èèyàn 2 kúrò láìjẹ́ pé wọ́n rí ohun kankan. Ọwọ́ ni mo fi dá wọn padà.

Ẹ má lo ètò "bí kò bá ṣí lẹ́tà" láti pinnu ẹni tí ìránnilétí máa lọ bá. Àwòrán kékeré tó pamọ́ sínú lẹ́tà ni áàpù fi ń mọ̀ pé wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 ni áàpù ímeèlì Apple ti ń ṣí àwòrán náà fún ẹni tó bá yan ààbò yẹn, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ fọwọ́ kan lẹ́tà. "Bí kò bá dáhùn" ni kí ẹ yàn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lásìkò, kò sì fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sí ẹnì kan rí lọ́jọ́ kan. Mo yọ ìràwọ̀ kan fún àpẹẹrẹ lẹ́tà méje yẹn, torí ẹni tuntun ló máa ń gbà á gbọ́. Ìkejì jẹ́ ti pé kò mọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba wa. Àwọn 30 tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2025, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ni lẹ́tà ìkẹyìn wọn bọ́ sí, nígbà tí gbogbo ọ́fíìsì wà ní títì fún Ìtúnu Àwẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti fi bíírò pupa yí ọjọ́ ìsinmi ká lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri sítọ́ọ̀ kí n tó tẹ nọ́ńbà kankan.