Àgbéyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ púlọ́ńbà tó de páìpù omi gbígbóná mi mọ́lẹ̀, tí wọ́n tún padà wá tú u sílẹ̀

Tíì kan ṣoṣo, ìyẹn ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ó wà ní òkè sílìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò tí mo ń bójú tó ní Ìbàdàn, ní ibi tí páìpù omi gbígbóná ti yà wọ yàrá tó kẹ́yìn. Ní ọ̀gànjọ́ òru, ọrùn tíì náà là, omi rọ́ sórí sílìn, sílìn sì mu omi títí ó fi já lulẹ̀ sí ìdí ẹsẹ̀ ibùsùn, nígbà tí àlejò ń sùn lọ́wọ́. Ọlọ́run ló ní kì í ṣe ìhà orí ni ó já sí. N kò tíì san owó ìkẹyìn iṣẹ́ náà tán nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ amómigbóná tí wọ́n gbé sórí òrùlé kò ní ẹjọ́ kankan, nítorí náà n kò ní í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí páìpù, àti lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ṣe dá mi lóhùn.

Kí tíì tó là rárá ni àwọn àlejò ti ń fi ẹjọ́ sùn pé àwọn ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lókè sílìn ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń wẹ̀, àti pé ariwo náà tún máa ń padà wá lẹ́yìn tí omi bá dúró. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tó ń gbọ́ ti àwọn oníbàárà lórí fóònù. Ó dáhùn pé, "A ti gbọ́, mà," ó sì fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé kún un. Mo tún kọ̀wé, ó tún fi ọwọ́ méjì náà ránṣẹ́. Ariwo yẹn gan-an ni páìpù fi ń kìlọ̀ fún wa: bí ó bá ń gbóná, ó ń gùn sí i, kílípù tó fún un lọ́rùn kò jẹ́ kó yọ̀, yóò há títí agbára rẹ̀ yóò fi borí kílípù, yóò sì fò síwájú díẹ̀. Ìfò kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ kan. Bí ó bá tún ń tutù, ó ń súnkì, ó sì ń fò padà.

Lẹ́yìn tí sílìn já, mo pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Màdámù, agbára omi yín ló pọ̀ jù. Tánkì yín ga jù." Ìwé ìdánwò tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ sí wà níwájú mi, ó sì kọ sínú rẹ̀ pé àwọn fi agbára bárì 10 ti omi sínú páìpù náà, tí kò sì jò. Tánkì mi kò fi mítà 5 ga ju páìpù náà lọ, agbára tí èyí lè fún omi kò sì ju ìdajì bárì kan lọ. Mo kà á sí i létí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní bóyá àlejò ló fa nǹkan. Mo bi í pé àlejò wo ló máa ń gun òkè sílìn lọ ní òru. Ohun tí kò sọ, tí èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀, ni pé omi tútù ni wọ́n fi ṣe ìdánwò yẹn. Omi tútù lè fi hàn pé ojú ìlẹ̀pọ̀ páìpù dára. Kò lè fi hàn bí páìpù yóò ṣe rìn nígbà tí ó bá gbóná.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí wọ́n rán àgbà púlọ́ńbà kan wá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan. Mo ti múra àtibú wọn. Àgbà náà kí mi, ó gun òkè, kò sì fọwọ́ kan tíì tó là. Ó yọ pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà tín-ín-rín sára páìpù ní ẹ̀gbẹ́ kílípù mélòó kan, ó ní kí n ṣí omi gbígbóná ní yàrá tí ó wà ṣáájú tíì náà, kí a sì dúró. Nígbà tó pè mí gun àkàbà, ìlà tó wà nítòsí òpin páìpù ti fi kílípù sílẹ̀ dáadáa. Láàárín kílípù méjì níwájú, páìpù ti wọ́ bí ejò. Ní ibi tí ẹ̀ka ti wọ ògiri yàrá, sìmẹ́ńtì dì í mú ṣinṣin. Ó ní, "Ìyá, èyí tó gùn ń lọ, ògiri kò jẹ́ kí ẹ̀ka bá a lọ. Ọrùn tíì ló wà láàárín àwọn méjèèjì."

Ó wá ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí kan fún mi. Páìpù rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PPR, irú èyí tó jẹ́ lásán, tí kò ní nǹkan mìíràn láàárín ara rẹ̀, máa ń fi bíi mílímítà 0.15 gùn sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi lé. Páìpù mi gùn ní mítà 18. Omi inú rẹ̀ máa ń wà ní bíi dígírì 25 ní òwúrọ̀, ó sì máa ń tó 65 nígbà tí oòrùn bá ti ṣiṣẹ́ tán, èyí tó jẹ́ 40 láàárín wọn.

```
18 × 0.15 × 40 = 108
```

Mílímítà 108 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú àtàǹpàkò. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fi kílípù irin fún gbogbo rẹ̀ lọ́rùn, wọn kò sì fi àyè kankan sílẹ̀ fún un.

Mo bi í pé kí ló dé tí páìpù tí wọ́n rì mọ́ inú ògiri balùwẹ̀ kì í là, nígbà tí òun náà kò ní àyè. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní èyí tó wà nínú ògiri, sìmẹ́ńtì dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lè wọ́, kò lè rìn, rọ́bà náà fúnra rẹ̀ á sì gba ìnira ọ̀hún mọ́ra. Ohun tó léwu ni kí apá kan wà ní òmìnira, kí apá kan sì wà ní ìdè, kí ẹnikẹ́ni má sì ti pinnu ibi tí ìdè náà yóò wà.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyí. Wọ́n yan ojú méjì péré tí páìpù kò gbọdọ̀ ti rìn: ọ̀kan ní mítà 4.5 láti ìbẹ̀rẹ̀, èkejì ní mítà 4.5 sí òpin. Èmi rò pé kí wọ́n kàn fún kílípù ibẹ̀ ni. Àgbà náà ní kílípù tí a fún jù yóò pa páìpù lára, yóò sì tún yọ̀ bó bá yá. Ó lẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ìsopọ̀ tó yí páìpù ká bí òrùka, sí iwájú kílípù náà, ó lẹ òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kílípù wá há sáàárín àwọn méjèèjì. Gbogbo kílípù yòókù ni wọ́n pààrọ̀ sí èyí tó fẹ̀ díẹ̀, tó ní rọ́bà nínú, tí páìpù lè máa yọ̀ gba inú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ọ̀kan sí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́. Àgbà náà ní kó tú u, nítorí pé bí páìpù bá rìn, sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò gbá kílípù, ibẹ̀ yóò sì di ìdè kẹta tí a kò rò tẹ́lẹ̀.

Láàárín ojú ìdè méjèèjì ni wọ́n ṣe lúùpù sí, ìyẹn ibi tí páìpù ti yà sí ẹ̀gbẹ́ tó sì tún padà, kí apá rẹ̀ lè máa tẹ̀ bí páìpù bá ń gùn. Ìdajì ìrìn náà, mílímítà 54, ni yóò máa gbà. Ọ̀nà tí ó fi mọ gígùn apá lúùpù ni pé ó fi ìbú páìpù, mílímítà 25, sọ ìrìn náà di púpọ̀, ó wá gbòǹgbò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 20.

```
20 × √(25 × 54) = 735
```

Apá kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ntímítà 73 àti ààbọ̀, àwọn ẹ́líbò ló so igun wọn, kò sì sí kílípù tó dè é. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fẹ́ kí lúùpù nàró sókè nítorí pé àyè wà ní òkè sílìn. Àgbà náà kọ̀, ó ní afẹ́fẹ́ yóò kóra jọ sí orí rẹ̀, omi kò sì ní í ṣàn dáadáa mọ́. Wọ́n dùbúlẹ̀ rẹ̀.

Ó wá kan ibi ògiri, ibi tí ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀. Òpin páìpù ṣì ń rìn ní mílímítà 27, nítorí pé mítà 4.5 ló kù láti ojú ìdè dé ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ sìmẹ́ńtì kúrò, wọ́n fi gígé páìpù ńlá tí inú rẹ̀ tó mílímítà 75 sínú ihò ògiri bí àpò, ẹ̀ka mílímítà 20 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìfara kàn án. Nígbà tí páìpù tutù, wọn kò fi ẹ̀ka sí àárín àpò. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sún un sí, kí ó lè rí ibi rìn lọ nígbà tí ó bá gbóná. Fóòmù rírọ̀ ni wọ́n fi dí àyè tó kù. Nínú yàrá, kílípù àkọ́kọ́ kò sí nítòsí ògiri, ó ju sẹ̀ntímítà 46 lọ sí tíì, kí ẹ̀ka náà lè máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfa ọrùn tíì.

Láti ìgbà náà, òkè sílìn dákẹ́. Mo máa ń gun òkè wo àwọn ìlà pẹ́ńsùlù náà ní ọ̀sán. Wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀, kò sì sí ibi tí páìpù ti wọ́.

Inú mi ìbá ti dùn tán bí kì í bá ṣe ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n kọ kílípù tuntun, àpò ògiri àti iṣẹ́ lúùpù sínú rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi kún un. Àgbà náà ti sọ fún mi pé PPR kan wà tó ní okùn gíláàsì láàárín ara rẹ̀, tí ìrìn rẹ̀ ní mítà 18 yìí kì bá ju bíi mílímítà 25 lọ, àti pé ilé-iṣẹ́ náà ń tà á. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún mi nígbà tí a ń ná ọjà. Mo ní n kò ní í san ju owó kílípù lọ. Ọ̀gá náà gbà, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì, kò sì mẹ́nu kan sílìn tí mo fi owó ara mi tún ṣe.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo ti gbé iṣẹ́ páìpù ilé kejì fún wọn, ní àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ pé àgbà yẹn ni yóò fa ìlà ibi tí kílípù kọ̀ọ̀kan yóò wà, àti pé omi gbígbóná ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò kí n tó san owó ìkẹyìn.