Ìbéèrè méjì lórí igi àgbọn: èwo ló ń tú àṣìmọ̀ síta?

Kí n tó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Badagry ní fotosíńtẹ́sìsì, ìbéèrè méjì ni mo gbé yẹ̀ wò. Èkíní: "Kí ni ewéko nílò láti fi ṣe oúnjẹ?" Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: oòrùn, omi, afẹ́fẹ́ CO₂. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n àkọ́sórí ni; kò fi ohun tó wà lọ́kàn ọmọ hàn.

Èkejì: "A gé igi àgbọn létí òkun, a sá a títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán. Níbo ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo tó kù ti wá: ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tàbí afẹ́fẹ́?" Ọ̀pọ̀ á mú ilẹ̀, nítorí oúnjẹ ewéko ni wọ́n ń pe ajílẹ̀ nílé. Ẹni tó mú oòrùn ti ka agbára sí ohun tó ní ìwúwo. Afẹ́fẹ́ ni ìdáhùn; síbẹ̀, ẹni tó mú un gan-an, mo máa ń ní kó ṣàlàyé, torí ó lè jẹ́ pé ó kàn méfò ni.

Èkejì ni mo yàn. Ẹ má yọ "gbẹ" kúrò níbẹ̀ o, omi á da ìdáhùn rú. Ẹni tó mú ilẹ̀ kò sì ṣìnà pátápátá: àwọn èròjà ilẹ̀ ń wọ inú igi, àmọ́ wọn ò tó nǹkan. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ti van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbin igi sínú ìkòkò iyẹ̀pẹ̀, tó sì ń bomi rin ín nìkan, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1648. Lẹ́yìn ọdún 5, igi rẹ̀ ti fi nǹkan bíi páùn 164 wúwo sí i. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dín ní nǹkan bí áúnsì 2 péré. Omi nìkan lòun náà rò pé ó fà á.